Kúẹ̀rì ló ń ṣáájú ìwé gbélé ẹ: ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ́rétọ̀ tí kò wọlé lẹ́yìn Iléyá

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní prẹ́ẹ̀sì kékeré kan ní Ṣómólú, èèyàn mẹ́fà là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wàsíù tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí à ń pè ní Kọ́d fún mi ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Ó lọ ṣe Iléyá n'Íjẹ̀bú, ó yẹ kó wọlé ní Túsìdé 10 Jun 2025, àmọ́ kò yọjú títí di Sátidé 14, ọjọ́ márùn-ún gbáko! Mo pè é, kò gbé e, bẹ́ẹ̀ ó gbé fọ́tò Ojúde Ọba sórí státọ́ọ̀sì ẹ̀ ní Túsìdé yẹn gan-an. Mọ́ńdè 16 ló tó wọlé, tó ń kí mi 'ẹ kú ọdún'. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti bàjẹ́, kọ́sítọ́mà kan sì ti gba owó ẹ̀ padà. Ó ti pẹ́ dé rí ní Disémbà, mo dárí jì í. Mo ti fẹ́ tẹ ìwé gbélé ẹ fún un, àbúrò mi ní àfi kí n fún un ní kúẹ̀rì ná. Kí ni mo tún fẹ́ bi í tí mi ò mọ̀? Tó bá sì pọn dandan, báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́?"

Àǹtí mi, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà òṣìṣẹ́. Àbúrò yín ò ṣì yín lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí ìwé gbélé ẹ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, ká kọ́kọ́ jọ ka àwọn ọjọ́ tẹ́ ẹ ní kò wá yẹn.

Ẹ ní ọjọ́ márùn-ún, àmọ́ Tọ́sìdé tó wà láàárín ẹ̀, 12 Jun, ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni, òfin ti fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti 2019 nítorí ìbò Abíọ́lá. Àyàfi tẹ́ ẹ bá ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ṣáájú pé prẹ́ẹ̀sì máa ṣí lọ́jọ́ yẹn, tí orúkọ Wàsíù sì wà lára àwọn tó yẹ kó wá, ẹ ò lè kà á mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti kọ "ọjọ́ márùn-ún" sínú ìwé tẹ́ ẹ fi lé e lọ, ibẹ̀ ni lọ́yà ẹ̀ máa kọ́kọ́ tọ́ka sí, ó sì máa bi yín níwájú adájọ́ pé ṣé ẹ tiẹ̀ wo kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ tó lé ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ó tún ku fọ́tò. Mo mọ̀ pé òun gan-an ló ń gbóná lára yín, ta ni kò ní dùn? Àmọ́ ẹ wò ó, Fúráìdé 6 Jun ni Iléyá bọ́ sí lọ́dún yẹn, ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n sì ń ṣe Ojúde Ọba, ìyẹn Sọ́ńdè 8. Ọjọ́ tó jẹ́ tiẹ̀ ni Sọ́ńdè, kódà ìjọba fi Mọ́ńdè 9 náà kún ìsinmi, ó lè gun ẹṣin lọ́jọ́ yẹn tó bá wù ú. Ọjọ́ tí èèyàn gbé fọ́tò síta ni státọ́ọ̀sì ń fi hàn, kì í ṣe ọjọ́ tó ya fọ́tò. Èèyàn lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kó máa gbé fọ́tò àríyá àná síta, abí kí ló tún fẹ́ fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe níbẹ̀? Nítorí náà fọ́tò yẹn ò sọ ibi tí Wàsíù wà ní Túsìdé, ẹ̀yin lẹ parí ìtàn ọ̀hún fúnra yín.

Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ dájú ni pé kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹ ò mọ ìdí ẹ̀, ẹ ò sì tíì mọ̀ bóyá kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lóòótọ́. "Kò wá" ọ̀tọ̀, "kò gba àyè" ọ̀tọ̀. Ìkejì yìí gan-an ló jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, òun sì ni èèyàn kì í lè mọ̀ láìbéèrè, torí kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá nìkan ni òṣìṣẹ́ ti máa ń gba àyè.

Mo rí irú ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan l'Álúpéjú tí wọ́n pè mí sí. Ọ̀gá lé sitóókípà ẹ̀ ní ọjọ́ kẹta tí kò wá, kò bi í ní nǹkan kan, ó ní ó ti sá níṣẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, ọmọkùnrin yẹn ti fi wọ́ọ̀tsáàpù ránṣẹ́ sí máníjà pé ìyàwó òun ń rọbí, àwọn ti wà lọ́sibítù, máníjà sì fi àtàńpàkò tó dúró ṣánṣán yẹn dá a lóhùn. Àtàńpàkò lásán o. Máníjà ò sọ fún ọ̀gá, nígbà tí ọ̀gá sì ń pariwo, ẹ̀rù bà á, ó dákẹ́ ni. Ìgbà tí lẹ́tà lọ́yà dé ni gbogbo ẹ̀ tú síta, owó tí wọ́n fi yanjú ẹ̀ ju owó oṣù ọmọ yẹn lọ lọ́nà púpọ̀. Ká ní wọ́n kọ kúẹ̀rì ojú ìwé kan péré, wọn ì bá ti rí ìdáhùn yẹn lọ́jọ́ kejì.

Ní ti òfin, mi ò ní fi pọ̀ jù. Wàsíù jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, Òfin Iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Lébọ̀ Áàkì, bò ó. Ẹni tó ti lo ọdún méjì, tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni nótíìsì ẹ̀ lábẹ́ abala 11, àyàfi tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹ̀ bá sọ jù bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kí ẹ̀yin àti ẹ̀ pínyà, ẹ lè fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kẹ́ ẹ san owó ẹ̀, kẹ́ ẹ má sì sọ ìdí kankan. Ìyẹn ò mú kúẹ̀rì dání. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé e lójú ẹsẹ̀ láìsan nótíìsì, tàbí tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé torí ó sá níṣẹ́ lẹ ṣe lé e, ẹ ti dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ilé ẹjọ́ á sì bi yín bóyá ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́bi. Kò sì le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń rò. Nínú ẹjọ́ Imonikhe àti Unity Bank ní 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí gbà pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún ní kúẹ̀rì, tó sì fèsì kí wọ́n tó lé e, wọ́n ti gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ẹ ò ní láti kọ́ kóòtù sínú prẹ́ẹ̀sì. Ìwé kan, èsì kan, kẹ́ ẹ sì ka èsì náà tọkàntọkàn, ó parí.

Kẹ́ ẹ tó jókòó kọ ọ́, ẹ wádìí nínú ilé ná, kò ju wákàtí kan lọ. Ẹ gbé ìwé tí wọ́n ń sáìn láàárọ̀ jáde, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé ojú ìlà Wàsíù ṣófo lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ pe ẹni tó ń ṣe súpáfáísọ̀, ẹ bi í láìfi ìbínú bi í pé ṣé Wàsíù pè é, ṣé ó ránṣẹ́, ṣé ó tiẹ̀ ti ń sọ ṣáájú Iléyá pé òun lè pẹ́ díẹ̀. Ẹ bi ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí Kọ́d náà. Kẹ́ ẹ wo fóònù yín, títí kan mẹ́sééjì tẹ́ ẹ ò ṣí. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Ẹ sì kọ àkókò tẹ́ ẹ pè é sílẹ̀ bó ṣe wà lórí fóònù, torí ó máa wọnú lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ irú èyí tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa:

"O sá kúrò níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún láti lọ jayé Ojúde Ọba. Ìwà àìnáání iṣẹ́ yìí ti kó wa sí gbèsè. Fún wa ní ìdí tí a ò fi gbọdọ̀ lé ẹ dànù láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún."

Ẹ rí i, ẹjọ́ ti parí kí wọ́n tó bi í. "Sá" ti dá a lẹ́bi, "láti lọ jayé" ti sọ ìdí fún un, kí ló kù tó fẹ́ ṣàlàyé? Ẹni tó bá gba irú ìwé báyìí, ẹ̀bẹ̀ ló máa kọ. Á kọ ọ́ pé ẹ jọ̀ọ́ mà, èṣù ni, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ẹ wo tàwọn ọmọ mi. Ẹ máa ka ojú ìwé méjì, ẹ ò sì ní mọ ibi tó wà ní Túsìdé síbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ò ṣeé yẹ̀ wò. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ lè gbé lọ bá ẹlòmíì kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: orúkọ ẹni tó sọ fún, aago tó pè, ọsibítù tó lọ. Bí ìbéèrè bá ṣe rí ni èsì ṣe ń rí. Tọ́rọ̀ bá sì dé kóòtù, ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ yẹn ni wọ́n máa fi sọ pé ẹ ti pinnu tẹ́lẹ̀, kúẹ̀rì yẹn àwàdà lásán ni.

Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ rèé:

"Ọjọ́ 16 Jun 2025

Sí Ọ̀gbẹ́ni Wàsíù (orúkọ bàbá ẹ̀), ọ̀pẹ́rétọ̀ ẹ̀rọ Kọ́d

Ìbéèrè fún àlàyé lórí àìwá síbi iṣẹ́

Ó yẹ kẹ́ ẹ wà níbi iṣẹ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Túsìdé 10, Wẹ́sìdé 11, Fúráìdé 13 àti Sátidé 14 Jun 2025. Kò sí orúkọ yín nínú ìwé ìsáìn fún ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A ò rí àkọsílẹ̀ pé ẹ gba àyè fún àwọn ọjọ́ náà. Mo pè yín lórí fóònù ní Túsìdé 10 ní aago mẹ́wàá àárọ̀ àti ní Wẹ́sìdé 11 ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ ò gbé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àlàyé yín fún mi. Ẹ sọ ohun tó fà á tẹ́ ẹ ò fi wá lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ bóyá ẹ fi tó ẹnikẹ́ni létí níbi iṣẹ́ tàbí ẹnì kan fún yín láyè, ẹ dárúkọ onítọ̀hún, ìgbà tó jẹ́, àti bóyá fóònù ni tàbí ojúkojú. Tẹ́ ẹ bá ní ìwé tàbí mẹ́sééjì kankan tó kín ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn, ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ sí i.

Kí èsì yín dé ọwọ́ mi kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdé 18 Jun 2025 tó lù. Tí àkókò yìí ò bá tó yín, ẹ sọ fún mi kí ọjọ́ náà tó pé.

A ò tíì ṣe ìpinnu kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí mo bá ka èsì yín ni mo máa mọ̀ bóyá ó parí síbẹ̀ tàbí a máa jókòó lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìbáwí. Tí èsì ò bá wá, ohun tó wà lọ́wọ́ wa nìkan la máa fi pinnu."

Kẹ́ ẹ sáìn ín. Ó tán.

Ẹ wo ohun tí mi ò fi síbẹ̀. Fọ́tò ò sí níbẹ̀, torí ẹ fẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ibi tó wà kẹ́ ẹ tó fi ohun tẹ́ ẹ ní wé e, tẹ́ ẹ bá ti fi ọ̀nà hàn án, á kọ àlàyé ẹ̀ yí fọ́tò yẹn ká. Àmọ́ o, tẹ́ ẹ bá padà fẹ́ lo fọ́tò yẹn láti dá a lẹ́bi, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn án kẹ́ ẹ sì gbọ́ ohun tó máa sọ, ẹ ò lè fi í pamọ́ dé ọjọ́ ìdájọ́. Iṣẹ́ tó bàjẹ́ àti kọ́sítọ́mà tó gba owó ẹ̀ padà ò sí níbẹ̀ náà, ìyẹn máa wúlò tẹ́ ẹ bá ń wo bí ìyà ṣe máa tó, kò ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ìdí tí kò fi wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbà tó pẹ́ dé ní Disémbà tẹ́ ẹ dárí jì í. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ọdún mẹ́ta jọ sínú kúẹ̀rì kan, èyí tó rọrùn jù ló máa dáhùn.

Mo mọ̀ pé Wàsíù kéré sí yín, ẹ̀ ń pè é ní "ìwọ" lójoojúmọ́, mo sì pè é ní "ẹ" nínú lẹ́tà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹni tó bá ń kọ "ìwọ" pẹ̀lú inú bíbí, kì í pẹ́ tí ọwọ́ ẹ̀ fi máa yọ̀ sórí èébú. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa ń fi kọ lẹ́tà níbi iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ báyìí náà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò dá ṣáká, ẹ kà á fún un lédè tó gbọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fi Yorùbá fèsì. Èsì tí kò yé ẹni tó kọ ọ́, kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti wákàtí, àwọn kan máa ń fún èèyàn ní wákàtí méjì pé kó jókòó síbẹ̀ kọ ọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní ìwé ọsibítù n'Íjẹ̀bú nílò àkókò kó lè ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọjọ́ méjì dáa. Ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ láàárín ìgbà yẹn, kò sí ìdí tẹ́ ẹ fi máa ní kó dúró sílé.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Kó gba ọ̀kan, kó sáìn sórí ìkejì pé òun gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé fún un pé sísáìn yẹn ò túmọ̀ sí pé ó jẹ̀bi, torí ẹ̀rù ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ̀. Tó bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ má bá a jà, ẹ pe ẹnì kan wọlé, kẹ́ ẹ fi lẹ́tà síwájú ẹ̀ lójú onítọ̀hún, kí onítọ̀hún kọ ọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé "wọ́n fi lé e lọ́wọ́ níwájú mi, kò sáìn," kó fi orúkọ àti aago sí i. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí wọ́ọ̀tsáàpù. (Ká ní kò tiẹ̀ tíì padà wá ni, àdírẹ́sì tó wà nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀ lẹ máa fi ránṣẹ́ sí, kẹ́ ẹ sì pe gárántọ̀ ẹ̀. Àmọ́ ṣé àlàáfíà ló wà nìkan ni kẹ́ ẹ bi gárántọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i létí.)

Ó wá ku èsì. Ẹ ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni òótọ́ máa ń wà níbì kan tí kò ní sí níbì kejì. Ẹ jẹ́ ká ní Wàsíù kọ ọ́ pé ibà dá òun wó ní Túsìdé àti Wẹ́sìdé, ó so ìwé dókítà mọ́ ọn, ó ní ní Fúráìdé ara òun ti yá àmọ́ òun rò pé àwọn èèyàn ò ní ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi Tọ́sìdé. Abala 16 nínú Òfin Iṣẹ́ yẹn fún òṣìṣẹ́ ní owó ìsinmi àìsàn tó tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá jẹ́rìí sí i. Ríísíìtì kẹ́mísì kì í ṣe ìwé dókítà. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà dáadáa, ṣé ìgbà tó ń ṣàìsàn ni dókítà rí i, àbí 16 Jun ni wọ́n kọ ọ́ tí wọ́n wá ń jẹ́rìí sí 10? Tára bá ń fu yín, ẹ bi ọsibítù bóyá àwọn ni wọ́n kọ ìwé yẹn, ẹ má bi wọ́n léèrè àìsàn tó ṣe é, ìyẹn ò kàn yín.

Tí ìwé bá dúró, Túsìdé àti Wẹ́sìdé ti jáde kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ àìwá. Ó ṣì ku pé kò pè, ẹ lè bi í, torí ẹni tó lè gbé státọ́ọ̀sì síta lè tẹ mẹ́sééjì méjì. Fúráìdé àti Sátidé ni kò ní àlàyé gidi, ẹ sì rí i báyìí pé ọjọ́ méjì ló ṣẹ́ kù nínú márùn-ún tẹ́ ẹ bá wá. Ẹni tó ti ṣe ọdún mẹ́ta, tí kò ní ìwé ìkìlọ̀ kankan nínú fáìlì, ọjọ́ méjì ò tó ohun téèyàn ń lé e dànù sí lójú tèmi, ìwé ìkìlọ̀ ló tọ́. Tó bá sì wá jẹ́ pé èsì ẹ̀ jẹ́ irọ́, tí ọsibítù ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ pè é jókòó, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ rí hàn án, ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ìwé irọ́ máa ń le ju àìwá síṣẹ́ lọ, ìgbà yẹn lẹ ní ohun tó múná lọ́wọ́ láti lé e.

Ẹ má yọ owó ìtanràn kankan nínú owó oṣù Jun ẹ̀ o, abala 5 ò gba kí agbanisíṣẹ́ máa gé owó òṣìṣẹ́ láti fi jẹ ẹ́ níyà. Owó ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ìyẹn lẹ lè má san fún Fúráìdé àti Sátidé, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ ìṣirò ẹ̀ sílẹ̀ kó lè rí i.

Ìpinnu yòówù kẹ́ ẹ ṣe, ẹ kọ ọ́ síwèé pẹ̀lú ọjọ́ tó kàn, ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ gba èsì ẹ̀ gbọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ò ti gbà á gbọ́. Kẹ́ ẹ so kúẹ̀rì, èsì àti ìpinnu pọ̀ sínú fáìlì ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pe súpáfáísọ̀ yín, kẹ́ ẹ sọ fún un pé látòní lọ, òṣìṣẹ́ tó bá pe òun pé òun ò ní lè wá, kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí yín kí aago mẹ́sàn-án tó lù.